Màmá mi ti mu àgbo fún oṣù méje kí a tó gbé wọn dé ọsibítù. Báwo la ṣe máa sọ ọ́ fún dókítà?

Àbẹ̀kẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, oorun ò kun ojú mi mọ́.

Nígbà tí Iléyá èṣí ku díẹ̀ ni màmá mi, ẹni ọdún 56, rí kókó kan ní ọmú òsì wọn. Wọ́n ní kò ju kóró ẹ̀pà lọ, kò sì dùn wọ́n rárá, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi sọ fún ẹnì kankan nínú àwa ọmọ. Ọ̀rẹ́ wọn lọ́jà ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá alágbo kan. Ìyá náà fún wọn ní àgbo tí wọ́n rẹ sínú ọtí, pé kí wọ́n máa mu ife kékeré kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Ó tún fún wọn ní ẹbu dúdú tí wọ́n á pò mọ́ àdí, tí wọ́n á máa fi pa ojú ibẹ̀. Oṣù méje gbáko ni wọ́n fi lò ó.

Ìgbà tí mo wálé ọdún tuntun ni mo rí i pé wọ́n ń fi aṣọ wé àyà lábẹ́ bùbá. Nígbà tí mo tú aṣọ náà, kókó yẹn ti tó ẹyin adìyẹ. Awọ ojú rẹ̀ ti bẹ́, omi ń sun níbẹ̀, òmíràn sì ti so ní abíyá wọn. A gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Jẹjẹrẹ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa rí dókítà tó máa sọ bí ìtọ́jú á ṣe rí. Àmọ́ màmá mi ti mú mi búra pé mi ò ní sọ̀rọ̀ àgbo níbẹ̀. Ìdí méjì ni wọ́n sọ. Ọsibítù tá a kọ́kọ́ lọ, wọ́n jágbe mọ́ wọn lójú gbogbo èèyàn pé àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn pa ara wọn, wọ́n sunkún délé. Èkejì, ìyá alágbo ní tí wọ́n bá fi oògùn náà han ẹlòmíràn, kò ní jẹ́ mọ́. Ìgò kan àtààbọ̀ ló ṣì kù nílé, àbúrò bàbá mi sì ní kí wọ́n mu ún tán kí wọ́n tó gba kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, kí ara wọn lè lágbára.

Ṣé ó burú tá ò bá sọ? Tá a bá sì máa sọ, kí lẹnu á gbà sọ ọ́?

Ìyá Tólú

Àbẹ̀kẹ́ mi, fọkàn balẹ̀. Èmi náà ní kókó lọ́mú nígbà tí mo ń fún ọmọ mi kejì lọ́mú. Ó pọ́n, ó gbóná, ó ń ro mí débi pé mi ò lè gbé apá sókè. Ìyá ọkọ mi já ewé, wọ́n gún un, wọ́n fi lé e. Lọ́jọ́ kẹfà ó tú, ọyún jáde bí ife kan, ó sì jiná. Kò sí dókítà tó fọwọ́ kàn mí, ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Àgbo ń wo jẹjẹrẹ ọmú. Bóyá alágbo tẹ́ ẹ lọ bá ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ yí alágbo padà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ìyá Tólú, ẹ má bínú sí mi o, ohun tó ṣe yín yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe màmá Àbẹ̀kẹ́. Oówo ọmú ni tiyín. Wàrà há, kòkòrò wọlé, ó di ọyún, ó tú, ó jiná. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fúnra yín: ó pọ́n, ó gbóná, ó ń ro yín. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Kóró ẹ̀pà tí kò dunni ni màmá rí, ohun tó sì ń kó wa láyà jẹ jù nìyẹn, nítorí ẹni tí nǹkan ò dùn kì í wá ọsibítù lọ.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ń gba kímò. Àwọn tó bá wá sọ pé àgbo wo jẹjẹrẹ àwọn sàn, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò tó ní jẹjẹrẹ ni? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó gé ẹran níbẹ̀ rí. Kókó ọmú pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Òmíràn jẹ́ omi lásán, òmíràn á wà níbẹ̀ fún ogún ọdún láì ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ní irú èyí tó sì mu àgbo, àgbo náà lá gba ìyìn.

Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí oṣù méje yẹn mú lọ, kì í ṣe láti fi bá màmá wí. Ká ní wọ́n wá nígbà tó wà bíi kóró ẹ̀pà, tí kò tíì dé abíyá, ó ṣeé ṣe kí oníṣẹ́ abẹ kọ́kọ́ yọ kókó náà kí ọmú sì ṣẹ́kù. Nígbà tí awọ bá ti bẹ́ báyìí, kímò la sábà máa fi ń ṣáájú láti fi sọ ọ́ di kékeré, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ tó máa gbé ọmú lọ pátá, lẹ́yìn ìyẹn ìtọ́jú onítànṣán tí wọ́n ń pè ní iná. Ọ̀nà náà gùn sí i, owó rẹ̀ pọ̀ sí i, ó sì nira fún ara. Àmọ́ kò tíì parí. Wọ́n á ya àwòrán àyà, ẹ̀dọ̀ àti eegun. Tí kò bá tíì dé ibẹ̀, ìwòsàn ni dókítà á ṣì máa lépa.

Ìbéèrè yín gan-an: bẹ́ẹ̀ ni, ó burú tẹ́ ò bá sọ. Kí wọ́n tó fún màmá ní kímò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọ́n á wo bóyá ẹ̀jẹ̀ tó, bóyá ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó, bóyá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ̀dọ̀ bá ṣe ségesège, tí dókítà ò sì mọ̀ pé àgbo ọlọ́tí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀.

Kí màmá dáwọ́ àgbo dúró lónìí.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fojú tín-ín-rín ohun tí Ọlọ́run dá. Kímò tẹ́ ẹ ń wí yìí, ara igi àti ewé ni wọ́n ti fà á yọ. Òyìnbó kàn rọ ọ́ sínú ìgò ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò pé oṣù mẹ́rin tó fi kú. Ọ̀bẹ ló tú àrùn náà káàkiri ara. Tí a ò bá fọwọ́ kàn án, á jókòó síbi tó wà.

Ọláwálé apòògùn

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa igi fún àwọn kan nínú oògùn kímò, kì í ṣe gbogbo wọn. Pakilitásẹ́lì, tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ara èèpo igi kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Finkirísítìn, tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ara òdòdó tá a máa ń gbìn síwájú ilé ló ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yà ni òṣùwọ̀n. Tí wọ́n bá fẹ́ fún màmá Àbẹ̀kẹ́ ní pakilitásẹ́lì, wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á wọn ìwọ̀n ara wọn, wọ́n á ṣírò iye mílígíráàmù tó bá ara wọn mu. Tó bá dín, jẹjẹrẹ ò ní gbọ́. Tó bá lé, á pa ọmọ ogun ara. Ìgò àgbo méjì látọwọ́ alágbo kan náà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kò ní rí bákan náà. Ẹ ò lè mọ ohun tó wà nínú ife kan.

Nípa ẹ̀gbọ́n yín, ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo fẹ́ béèrè: ó tó ìgbà wo tí kókó náà ti wà kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ?

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ó tó ọdún méjì. Ó ń lo àgbo nígbà yẹn.

Ọláwálé apòògùn

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Bí mo ṣe rí i, ọ̀bẹ kọ́ ló tú u ká. Nínú ọdún méjì yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun kí wọ́n tó gbé e dé tábìlì. Ohun tí àwọn èèyàn ń rí ni pé ẹni tó bá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ń kú, wọn ò rí àwọn tó lọ ní kùtùkùtù, nítorí àwọn yẹn ti padà sídìí ọjà wọn, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnì kan. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gé ẹran fún àyẹ̀wò náà kì í tú jẹjẹrẹ ọmú káàkiri.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Mo gbọ́. Àmọ́ ọkàn mi ò tíì gbà á tán.

Ọmọ́táyọ̀ Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún 2021 ni wọ́n rí i lọ́mú ọ̀tún mi. Èmi ò mu àgbo ṣáájú, lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kímò ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Mo gba èkíní, mo gba èkejì, kò sí wàhálà. Ó rẹ̀ mí gan-an lẹ́yìn èkejì, aládùúgbò wa bá gbé àgbo kan wá pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Mo ń mu ún láàárọ̀ kí n tó jẹun.

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀kẹta pé, dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀ mi, ó dákẹ́. Èsì ẹ̀dọ̀ ti lọ sókè. Ó bi mí pé ṣé mò ń lo nǹkan kan, mo ní rárá. Wọn ò fún mi ní kímò lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán ikùn. Mo san owó, mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko retí èsì, mo ti ń pín ẹrù mi lọ́kàn. Àwòrán ò rí nǹkan kan lẹ́dọ̀. Ó tún bi mí, mo tún ní rárá.

Nọ́ọ̀sì kan ló ṣí mi lẹ́nu. Ó jókòó tì mí, kò béèrè bóyá mò ń lo àgbo. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fi sẹ́nu láti òwúrọ̀, yàtọ̀ sí tíì?" Ẹnu mi kàn sọ ọ́ ni. Kò pariwo, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n sinmi rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, èsì ẹ̀dọ̀ ti wálẹ̀, mo gba ẹ̀kẹta. Bí mo bá kà á pọ̀, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo pàdánù, pẹ̀lú owó àwòrán tí kò yẹ kí n ná.

Dókítà náà ò búra fún mi pé àgbo ló fà á, èmi náà ò sì lè búra. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì bá ti yọ àgbo kúrò kó tó máa wá jẹjẹrẹ kiri inú ẹ̀dọ̀ mi.

Ọmọ Oníṣègùn Ìsẹ́yìn

Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yẹn, nítorí inú ilé oníṣègùn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi máa ń sọ fún àwọn tó wá gba oògùn pé kí wọ́n má fi han ènìyàn. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹlòmíràn má bàa jí ewé náà mọ̀, kó má bàa di pé wọ́n ń dà á rú kiri. Kò fi ìgbà kankan sọ pé kí aláìsàn purọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Tí aláìsàn bá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn mìíràn, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi máa béèrè ni, "Kí lo ti lò kó o tó dé ibí?" Oníṣègùn gidi kì í da oògùn lé oògùn tí kò mọ̀. Ẹ sọ èyí fún màmá. Bí oníṣègùn bá ń béèrè, kí ló dé tí dókítà ò ní mọ̀?

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di gbogbo ẹ̀bi ru àgbo, mi ò bá yín lọ síbẹ̀. Àǹtí mi kan ò mu ẹ̀kán àgbo kan. Ó rí kókó, ó lọ ọsibítù lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n ń yanṣẹ́ lódì. Wọ́n ní kó padà wá. Nígbà tí wọ́n wọlé, owó àyẹ̀wò ò sí. Nígbà tó rí owó, èsì pẹ́. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ta la fẹ́ bú níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Mi ò ní gbèjà ìyẹn. Àwọn tó lọ sọ́dọ̀ alágbo, ọ̀pọ̀ lọ nítorí pé alágbo gbà wọ́n láyè láti san díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Àwa ò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì dáadáa.

Ohun tí mo rí nípa àgbo ni pé ó máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé nǹkan ń lọ. Ìrora dín, ọyún gbẹ, wíwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fà sẹ́yìn, aláìsàn á ní ó ń ṣiṣẹ́. Kókó tó wà láàárín ò yí padà. Mo rántí obìnrin kan tó ń fi òwú wọn tirẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tó ń so kókó sára òwú náà níbi tó bá dé. Nígbà tó gbé e wá, kókó ara òwú yẹn ń jìnnà síra lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní alágbo sọ pé ó gbọ́dọ̀ wú jáde kó tó tú.

Délé Pékàmù

Ìwádìí kan jáde ní Yélì, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2018. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n lo ìtọ́jú mìíràn tí kì í ṣe ti ọsibítù, ewu ikú wọn fi ìlọ́po márùn-ún ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú ọsibítù lọ. Ẹ fi han àbúrò bàbá yín.

Ọláwálé apòògùn

Délé, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà. Àwọn tí ìwádìí yẹn tọ pinpin ni àwọn tó kọ ìtọ́jú ọsibítù sílẹ̀ pátápátá. Kò sọ nípa ẹni tó ń gba kímò tó tún ń mu nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Tí àbúrò bàbá wọn bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé, á rí ihò yẹn, á sì da gbogbo rẹ̀ nù.

Délé Pékàmù

Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ níwájú mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi níbí ń lo oògùn jẹjẹrẹ ọmú kan tó ń jẹ́ tamosifẹ́nì, hóró kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Kò mu àgbo, ṣùgbọ́n ó ń ra ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti lọ̀ sínú kápúsù, tí wọ́n fi ata iyèré sí, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò kà á sí oògùn. Apòògùn ló ní kó gbé gbogbo ìgò tó wà nílé wá, ó sì ní kó fi kápúsù yẹn sílẹ̀, nítorí wọ́n ti rí i ní Nẹ́dálańdì lọ́dún 2019 pé ó ń dín agbára tamosifẹ́nì kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ata ilẹ̀ pupa tó wà nínú ọbẹ̀ kò kàn án.

Ìyá Tólú

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mi ò mọ̀ pé oówo lásán ni tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ní kókó kan tí kò dùn ún, ó tó oṣù méjì. Mo ti ń ra ewé fún un. Ṣé oówo náà ni?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Mi ò lè rí i láti ibí, Ìyá Tólú. Kí ó lọ ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí, kó má dúró de oṣù. Ọmọ ọdún mélòó ni?

Ìyá Tólú

Ọdún 38. A ó lọ lọ́jọ́ Ajé.

Ọláwálé apòògùn

Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ padà sí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ lẹ́ẹ̀kan, pé kí màmá dáwọ́ dúró lónìí. Èmi ì bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ḿbà tó wà lára káàdì kílíníìkì. Ìdí rèé. Àwọn kan ń lọ oògùn òyìnbó mọ́ àgbo láìsọ, pàápàá oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó máa ń jẹ́ kí wíwú àti ìrora rọlẹ̀ wéré. Ẹni tó ti ń lo ìyẹn lójoojúmọ́ fún oṣù méje láìmọ̀, tó wá ṣẹ́ ẹ lójijì, ara rẹ̀ lè ṣubú: òòyì, èébì, kí ìfúnpá wálẹ̀. Ṣé ojú màmá ti yí bìrìkìtì, ṣé ẹsẹ̀ wọn ń wú?

Àbẹ̀kẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Rárá, wọ́n gbẹ ni. Ìgò náà ní nọ́ḿbà NAFDAC lára o. Ṣé ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọláwálé apòògùn

Wo ìparí nọ́ḿbà náà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A7, tó sì parí pẹ̀lú L, wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ni. Ka ara ìgò dáadáa, wọ́n á kọ ọ́ níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò wò. Ó tún lè jẹ́ pé ìgò ẹlòmíràn ni alágbo náà rọ tirẹ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ọ̀gbẹ́ni Ọláwálé, mo gba ìyẹn. Kí wọ́n pè láàárọ̀ ọ̀la, tí wọn ò bá rí ẹni gbé e, kí wọ́n má ṣe fi kún un, kí wọ́n sì máa ṣọ́ màmá. Àmọ́ kí wọ́n má gbọ́ ti àbúrò bàbá rárá. Ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ kan náà ló máa gba ọtí, gba ewé, tún gba kímò. Èyí tí wọ́n fi omi tútù tàbí omidùn rẹ tún léwu lọ́nà mìíràn. Bí ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá lẹ́yìn kímò, ọmọ ogun ara á ti lọ sílẹ̀ gan-an, kòkòrò inú àgbo tí ara wa máa ń ṣẹ́gun tẹ́lẹ̀ lè di ibà tó ń pani. Tí ara wọn bá gbóná dé 38 lẹ́yìn kímò, ọsibítù lọ́jọ́ náà, wọn ò gbọdọ̀ mu nǹkan kan dúró.

Ẹbu ojú egbò, kí wọ́n má fi pa á mọ́. Tí wọ́n bá ti pa á láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá, dókítà ò ní rí awọ.

Ọmọ Oníṣègùn Ìsẹ́yìn

Nípa bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹ lọ bá ìyá alágbo náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ní, "Ìyá, ọsibítù fẹ́ fún màmá wa lóògùn, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kò gbọdọ̀ pàdé tiyín?" Ó lè dárúkọ ewé kan tàbí méjì. Tó bá kọ̀, ẹ gbé ìgò lọ.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ gbé ìgò lọ, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹnì kan á yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, a ò ní ẹ̀rọ fún un. Ohun tó wúlò fún dókítà ni ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́, ife mélòó lójúmọ́, ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n mu ún kẹ́yìn, kí ló ń ṣe lára, bóyá ó ń mú wọn yàgbẹ́ tàbí ó ń mú wọn sùn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé. Ẹ fi gbogbo nǹkan kún un: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ewúro tí wọ́n ń fún mu, ayù, atalẹ̀. Ayù àti atalẹ̀ tó bá pọ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ṣòroó dá lásìkò iṣẹ́ abẹ, kí ẹni tó máa kun wọ́n lóorun náà gbọ́ ọ.

Tí màmá bá ń tijú, kí wọ́n ṣáájú dókítà. Kí wọ́n ní, "Dókítà, mo ti ń lo nǹkan kan láti bí oṣù méje. Mo gbé e wá. Ẹ bá mi wò ó, kẹ́ ẹ sọ èyí tí n ó fi sílẹ̀ àti ìgbà tí n ó fi í sílẹ̀." Tí dókítà bá pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo tán, kí ẹ sì tún un béèrè: "Ìgbà wo ni kí n fi í sílẹ̀?"

Ọmọ́táyọ̀ Abẹ́òkúta

Nọ́ọ̀sì, ó rọrùn láti sọ. Ariwo yẹn ló ń lé wa padà. Àbẹ̀kẹ́, má ṣe dalẹ̀ màmá rẹ, má lọ sọ ọ́ lẹ́yìn wọn. Tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kó o tẹ̀ lé àwọn mọ́. Jẹ́ kó ti ẹnu wọn jáde.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Tí ó bá wá di pé wọn ò sọ ńkọ́? Èmi ò ní jẹ́ kí wọ́n so kímò náà mọ́ ọn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ọmọ́táyọ̀ Abẹ́òkúta

Ibi tí mo ti dákẹ́ nìyẹn. Mi ò mọ èyí tí n bá ṣe.

Àbẹ̀kẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin èèyàn mi. A ti dé.

Nọ́ḿbà orí káàdì, nọ́ọ̀sì kan gbé e, ó ní kí wọ́n má mu ún mọ́, pé tí òòyì bá kọ́ wọn ká máa gbé wọn bọ̀ kíákíá. Kò sí òòyì. Mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ oníṣègùn sí màmá létí. Wọ́n ní kí n tún un kà, níbi tó ti sọ pé, "Kí lo ti lò kó o tó dé ibí?" Wọn ò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i pé wọ́n wé ìgò náà sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, wọ́n fi aṣọ ìborùn wé e, wọ́n tì í sísàlẹ̀ báàgì wọn.

A jókòó, dókítà ń ka fáìlì, màmá sì gbé ìgò náà kalẹ̀ sórí tábìlì kó tó gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ má pariwo mọ́ mi o, dókítà. Èyí ni mò ń lò." Dókítà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ife mélòó àti ìgbà tí wọ́n mu ún kẹ́yìn, ó kọ ọ́ sí fáìlì pẹ̀lú bírò pupa. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì tún un gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ kímò. Àwòrán àyà àti eegun wà fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá béèrè ewúro. Ó ní kí wọ́n jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀, kí wọ́n má fún omi rẹ̀ mu.

Àbúrò bàbá mi ń bínú, ó ní a ti fi màmá wa fún òyìnbó. Ìyá alágbo náà ti ránṣẹ́ pé owó ìgò kejì ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, ó sì fẹ́ wá wo màmá nílé. Mi ò mọ̀ bóyá kí n jẹ́ kó wọlé.

Ọmọ Oníṣègùn Ìsẹ́yìn

Ẹ san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọlé kó kí màmá, kẹ́ ẹ wà níbẹ̀, kó má gbé ìgò mìíràn sílẹ̀. Tó bá tún rí obìnrin mìíràn tó ní kókó bíi kóró ẹ̀pà, ó lè rántí ojú egbò tó rí lónìí kó sì darí rẹ̀.

Ìyá Tólú

Àbúrò mi ti lọ. Wọ́n ti gé ẹran níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní ká padà wá gba èsì.